Òṣìṣẹ́ Kú, Kò Yan Ajogún: Bí Owó Péńṣàn Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Tó Ń Jà Lé E Lórí

Ìyá kan jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì níta rẹ́jísírì Próbéètì ní Ìkẹjà, ọ́fíìsì kọ́ọ̀tù tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ lórí ogún. Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó yọ ìwé kan tó ti ká sí mẹ́rin, ó sì tẹ́ ẹ lé orúnkún. Nọ́ńbà àkáǹtì péńṣàn, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, ló wà lókè ìwé náà, orúkọ tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Èmi ni bàbá wọn kọ síbẹ̀ pé kó jẹ́ nẹ́sì-ọ́fù-kín. Kí ló wá dé tí wọ́n ní kí n máa lọ gba ìwé kọ́ọ̀tù?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi yín ṣe. Wọn ò tíì fi yín ṣe ajogún."

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń bá ẹbí tò ìwé ogún, èmi àti àwọn lọ́yà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ìyá yẹn ni mo ń sọ lójoojúmọ́, ó sì máa ń dùn mí ní gbogbo ìgbà, torí ẹni tó ń gbọ́ ọ ti fọkàn lé owó náà fún owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ibi tí àṣìṣe yìí ti wá kò ṣòro láti rí. Òfin péńṣàn ti 2004 dárúkọ nẹ́sì-ọ́fù-kín pé ó lè gba owó náà tí olóògbé kò bá ní ìyàwó àti ọmọ. Òfin 2014 ló rọ́pò rẹ̀, ó sì yí i padà. Abala kẹjọ òfin tuntun yìí sọ pé ìwé méjì ló ń ṣí àkáǹtì náà: ìwé ìhágún tí kọ́ọ̀tù ti fọwọ́ sí, tàbí, tí kò bá sí ìhágún, ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún, èyí tí gbogbo wa ń pè ní lẹ́tà àdìmínísítréṣọ̀n. Orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù kò lè dípò ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Nàìjíríà ni mo ń bá wí, lábẹ́ ètò péńṣàn tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá. Èkó ni mo sì mọ̀ jù, nítorí náà ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ mi ti wá. Ìdílé tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe ìdílé kan pàtó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n ṣe tí mi ò tíì rí rí. Bàbá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni ní Ìkẹjà títí ó fi kú, kò ṣe ìhágún. Ó fẹ́ ìyàwó méjì nílé, pẹ̀lú ìdána àti ẹbí. Ìyálé bí mẹ́rin, ìyàwó bí méjì. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kẹta tí bàbá kò gbé níyàwó, tó bí ọmọbìnrin kan fún un. Ọmọ náà jẹ́ ọdún mọ́kànlá. Bàbá ní àbúrò ọkùnrin kan pẹ̀lú, òun ló sì kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì láti béèrè owó.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ ya owó náà sí méjì

Kí ẹ tó jà, ẹ mọ ohun tí ẹ ń jà lé lórí. Owó méjì ni òṣìṣẹ́ tó kú sẹ́nu iṣẹ́ sábà máa ń fi sílẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde kò sì dọ́gba.

Èkíní ni owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀: ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ̀, ìdá mẹ́wàá tí agbanisíṣẹ́ ń fi kún un, àti èrè tó ti wọlé lórí wọn. Owó yìí jẹ́ ara ogún. Ìwé kọ́ọ̀tù ló ń gbé e jáde.

Èkejì ni owó adójútòfò ẹ̀mí. Òfin 2014 kan náà pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé kó ra adójútòfò sórí òṣìṣẹ́ rẹ̀, iye tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Ẹni tí òṣìṣẹ́ dárúkọ sínú fọ́ọ̀mù adójútòfò ni wọ́n ń san èyí fún. Tí kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, òun náà á darí sínú ogún.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń fi ọdún méjì jà lórí owó àkáǹtì, láìmọ̀ pé owó adójútòfò wà, pé ó sì ṣeé ṣe kó jù ú lọ. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí òṣìṣẹ́ níbi tí olóògbé ti ṣiṣẹ́, kí ẹ bi wọ́n léèrè nínú ìwé: ṣé ẹ ra adójútòfò fún un lọ́dún tó kú, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ wo, ta ni ó dárúkọ? Ẹ gba èsì sórí ìwé. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyálé nìkan ni bàbá dárúkọ fún adójútòfò. Tirẹ̀ ni owó yẹn, kò sì yẹ kí wọ́n gbé e wá sáàárín àwọn tó ń pín ogún. Owó àkáǹtì nìkan ló kù fún ìjà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì mọ̀ pé ó ti kú

Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àkáǹtì náà kọ́ ló ń tọ́jú owó gan-an. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń tọ́jú rẹ̀. Pẹ́ńkọ́ọ̀mù, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí owó ìfẹ̀yìntì, sì wà lókè àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò fi lè bá yín yọ ọ́ lábẹ́nú.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ so ìwé ẹ̀rí ikú mọ́ ọn, ìyẹn èyí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ń fúnni. Ìwé ilé ìwòsàn nìkan kì í tó. Ẹ kọ nọ́ńbà PEN rẹ̀. Tí ẹ kò bá rí nọ́ńbà náà, ìwé owó oṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ó sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tó sọ iye tó wà nínú àkáǹtì, torí Próbéètì máa fẹ́ rí i nínú àkọsílẹ̀ ohun ìní. Kí ẹ sì wò ó bóyá agbanisíṣẹ́ san gbogbo oṣù tó yẹ. Oṣù tí wọ́n yọ owó lára rẹ̀ tí wọn kò fi ránṣẹ́ jẹ́ gbèsè tí wọ́n jẹ olóògbé, ó sì di ti àwọn ajogún.

Láti ọjọ́ yìí lọ, owó náà kò ní lọ síbì kankan. Á ṣì máa jèrè, wọ́n á ṣì máa yọ owó iṣẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní lè fọwọ́ kàn án. Kì í ṣòfò torí pé ẹbí ń jà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ ni ọjọ́ tó ń lọ tí ọjà ń wọ́n sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Irú ìgbéyàwó wo ni olóògbé ṣe?

Ìbéèrè yìí ló ń yanjú ìdajì ìjà, síbẹ̀ ìkẹyìn ni àwọn ènìyàn máa ń bi í. Òfin kan ṣoṣo kọ́ ló ń pín ogún ní Nàìjíríà. Ọ̀nà tí ẹni tó kú gbà gbéyàwó ló ń sọ òfin tí yóò pín in.

Tó bá gbéyàwó ní rẹ́jísírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ láti so yìgì tó sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí lábẹ́ òfin ìgbéyàwó, òfin ìṣàkóso ogún ti Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń ṣiṣẹ́, àṣà kò lè borí rẹ̀. Ìyàwó ní ìpín tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, àwọn ọmọ sì ń pín tiwọn ní dọ́gbandọ́gba, ọkùnrin àti obìnrin. Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni èyí: ẹni tó bá ti so yìgì ní rẹ́jísírì kò lè fẹ́ ìyàwó mìíràn nílé nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà. Lójú òfin, obìnrin kejì yẹn kì í ṣe ìyàwó, ì báà ti lo ogún ọdún nílé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ. Abala kejìlélógójì ìwé òfin 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Nítorí náà, gbólóhùn "ọmọ ìta" kò ní agbára kankan ní kọ́ọ̀tù, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín.

Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ló ṣe, bíi ti bàbá inú àpẹẹrẹ wa, àṣà Yorùbá ló ń pín ogún rẹ̀. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí tó gbé ayé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì gbéyàwó bẹ́ẹ̀, ẹbí lè sọ pé ìlànà Ìsìláàmù ni kí wọ́n fi pín in. Tí ẹnì kan bá ta kò ó, wọ́n ní láti mú ẹ̀rí wá sí kọ́ọ̀tù nípa bó ṣe gbé ìgbé ayé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná nìyí, torí náà mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣe ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká ní owó tó wà nínú àkáǹtì bàbá jẹ́ ₦9,300,000. Wọ́n yọ ₦300,000 fún ìnáwó ìwé àti owó ìsìnkú tó bójú mu, ó ku ₦9,000,000. Àbúrò bàbá gbé ìwé owó wá pé òun ná owó lórí ìnáwó òkú, aṣọ ẹbí wà nínú rẹ̀, olórin wà nínú rẹ̀. Pósí, ilẹ̀ sàréè àti ọkọ̀ òkú ni ogún lè san. Àwọn ọmọ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè aṣọ ẹbí.

Àbúrò bàbá ní òun náà ní ìpín. Kò ní. Nígbà tí olóògbé bá ti ní ọmọ, àwọn ọmọ ló ń jogún lábẹ́ àṣà Yorùbá. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n kì í bá wọn pín. Kì í tún ṣe òun ni olórí ẹbí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin olóògbé, ni olórí fún àwọn ọmọ bàbá kan náà.

Àwọn ìyàwó ńkọ́? Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ látọjọ́ pípẹ́, nínú ẹjọ́ Súbérù àti Súnmọ́nù ní 1957, pé lábẹ́ àṣà Yorùbá ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ipasẹ̀ àwọn ọmọ ni owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ ìyá. Mi ò fẹ́ràn òfin yìí, mi ò sì ní fi pamọ́. Mo ti rí obìnrin tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jẹ ìyà pẹ̀lú ọkọ, tí kò bímọ, tó sì padà sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú báàgì kan. Ní 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà kan nílẹ̀ Ìgbò tó fẹ́ lé opó kúrò nílé torí pé kò bí ọmọkùnrin. Opó tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ níhìn-ín kò gbọ́dọ̀ kàn dìde kó máa lọ. Kó wá lọ́yà kí wọ́n tó pín ohunkóhun.

Ó ku àwọn ọmọ méje. Ọ̀nà méjì ni àṣà ní. Ìdí-igi ń pín ogún sí iye ìyá tó bímọ fún olóògbé, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan tó wá pín tiwọn. Orí-ò-jorí ń pín in sí iye ọmọ, orí kan kò jorí kan lọ.

Tí a bá lo ìdí-igi, tí a sì ka obìnrin kẹta mọ́ ọn, ìdí mẹ́ta ló wà, ₦3,000,000 fún ìdí kan. Ọmọ ìyálé kọ̀ọ̀kan á gba ₦750,000. Ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan á gba ₦1,500,000. Ọmọ ọdún mọ́kànlá nìkan á gba ₦3,000,000. Tí a bá lo orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bíi ₦1,285,714, ìdílé ìyálé lápapọ̀ á sì gba ohun tó lé ní ₦5,000,000.

Ẹ ò rí i? Owó kan náà ni, àwọn ọmọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó máa kan ẹnì kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì tàbí kó dín kù ju ìdajì lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ìyálé fi máa ń pariwo pé obìnrin kẹta kì í ṣe ìyàwó, nítorí náà kò lè jẹ́ ìdí. Ó dáa, ẹ fi ìyá sílẹ̀. Ọmọ náà ńkọ́? Tí bàbá bá jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ọmọ ni. Ẹ̀rí ìjẹ́wọ́ kì í ṣe ohun àràmàǹdà: fọ́tò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí bàbá wà níbẹ̀, ìwé ìbí tí orúkọ rẹ̀ wà, rìsíìtì owó ilé ìwé tó san, àkáǹtì tó ń fi owó ránṣẹ́ sí. Ìyá ọmọ náà kó rìsíìtì ọdún márùn-ún wá nínú nylọ́nù dúdú, ariwo sì dákẹ́.

Èwo wá ni kí wọ́n lò? Ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà ń tọ́ka sí ni ti ìdílé Dáwódù àti Dánmọ́lé. Bàbá kan kú ní Èkó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ sọ pé ìdí-igi kò bá ẹ̀rí ọkàn mu mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí i padà, ẹjọ́ náà sì dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ohun tó dúró ni pé ìdí-igi ni ìlànà gbogbogbò, ṣùgbọ́n tí àríyànjiyàn bá wà láàárín àwọn ọmọ lórí bí ìpín ṣe máa rí, olórí ẹbí ní àṣẹ láti pinnu pé orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò.

Àṣẹ yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Dáwódù inú àpẹẹrẹ wa jẹ́ ọmọ ìyálé. Tó bá yan orí-ò-jorí, òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló jèrè jù. Àbúrò rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó dìde nípàdé, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ dájọ́, ẹ̀yin lẹ tún gba ẹ̀bi àti àre." Kò purọ́. Ìpinnu tí olórí ẹbí bá dá nìkan ṣe ní yàrá ìyá rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé kọ́ọ̀tù. Èyí tí gbogbo ìdí wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, ló máa ń dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Próbéètì

Ẹ ṣe ìpàdé ẹbí kí ẹ tó lọ, ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ọmọ sílẹ̀, títí kan ẹni tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ bá fò ni yóò dá ìwé náà dúró lọ́la. Ẹ yan àwọn tó máa ṣàkóso ogún. Wọn kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún bá sì wà láàárín àwọn ajogún, wọn kò gbọ́dọ̀ dín sí méjì. Àbá mi ni pé kí ìdí kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan níbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, dáwódù, àbúrò rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó, àti ìyá ọmọ ọdún mọ́kànlá fún ọmọ rẹ̀. Ìyá yìí kò ní ìpín fún ara rẹ̀. Ó kàn ń ṣọ́ ti ọmọ ni.

Wọ́n á gba fọ́ọ̀mù ní rẹ́jísírì, wọ́n á mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, fọ́tò pélébé, káàdì ìdánimọ̀, àti àkọsílẹ̀ ohun ìní tí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti iye tó wà níbẹ̀. Wọ́n á wá onídùúró tí yóò fọwọ́ sí i pé àwọn tí wọ́n yàn kò ní kó ogún jẹ. Wọ́n á san owó ìjọba tí wọ́n ń ṣírò lára iye ogún. Lẹ́yìn náà ni ìkéde á jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè sọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kí ẹ dín iye ogún kù nínú fọ́ọ̀mù kí owó ìjọba lè kéré. Tí ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì bá rí i pé ìwé kọ́ọ̀tù sọ ₦2,000,000 nígbà tí ₦9,300,000 wà nínú àkáǹtì, wọ́n á dá yín padà láti lọ tún un ṣe, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nígbà tí ẹnì kan bá dí ọ̀nà

Ẹni tó bá gbọ́ pé àwọn kan ti ń gba ìwé lẹ́yìn òun lè lọ fi kéfíàtì sí rẹ́jísírì. Ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n ó lágbára: rẹ́jísírì kò ní fún ẹnikẹ́ni ní lẹ́tà àdìmínísítréṣọ̀n níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ tó máa ń parí, ẹni tó fi í sí i gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó parí. Àwọn tó ń béèrè ìwé lè fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó wá sọ ẹ̀tọ́ tó ní. Tí kò bá jáde, kéfíàtì rẹ̀ ṣubú. Tó bá jáde tó sì fi ẹ̀tọ́ hàn, ọ̀rọ̀ di ti adájọ́.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́, ẹ dúró. Láti 2002 ni ilé ìlàjà tí wọ́n so mọ́ kọ́ọ̀tù gíga Èkó ti wà, tí wọ́n ń pè ní Kọ́ọ̀tù Onílẹ̀kùn Púpọ̀. Onílàjà kan á jókòó sáàárín yín, kò ní dájọ́, á kàn ràn yín lọ́wọ́ láti rí ibi tí ẹ lè pàdé. Tí ẹ bá fọwọ́ sí àdéhùn, adájọ́ lè fọwọ́ sí i, á sì dúró bí ìdájọ́. Ibi tí ìdílé wa parí sí nìyẹn. Wọ́n gbà pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ₦600,000 sọ́tọ̀ fún ilé ìwé ọmọ kékeré. Wọ́n fi orí-ò-jorí pín ₦8,400,000 tó kù, ₦1,200,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdílé ìyálé gba ₦4,800,000, ìdílé ìyàwó gba ₦2,400,000, ọmọ kékeré gba ₦1,800,000. Kò sí ẹni tó gba gbogbo ohun tó fẹ́. Dáwódù kò ní àǹfààní láti sọ pé òun nìkan dájọ́, ọmọ kékeré kò sì jáde lọ́wọ́ òfo.

Tí ìlàjà bá kọ̀, ẹjọ́ lè gba ọdún. Ẹ lè bẹ kọ́ọ̀tù pé kó yan ẹni tí kò sí nínú ìjà láti máa tọ́jú ogún títí ẹjọ́ á fi parí.

Èyí tó burú jù ni tí ẹnì kan bá ti dọ́gbọ́n gba ìwé náà tán. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ dé ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì, wọ́n ní "Àwọn kan ti fi ìwé sílẹ̀ lórí àkáǹtì yìí." Ẹ má lọ sílé láti lọ ronú. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà àti sí Pẹ́ńkọ́ọ̀mù pé ajogún ni yín, pé wọ́n fi yín sílẹ̀, pé ẹ ń lọ sí kọ́ọ̀tù. Ẹ gba èdìdì ìgbàwọlé sórí ẹ̀dà tiyín. Lọ́yà yín á wá lọ bẹ kọ́ọ̀tù pé kí wọ́n dá owó dúró, kí wọ́n sì gba ìwé náà padà lọ́wọ́ ẹni tó fi irọ́ gbà á. Tí owó kò bá tíì jáde, ó ṣeé dá dúró. Tó bá ti jáde, ẹni tó gbà á àti onídùúró rẹ̀ lẹ máa lé, ìyẹn sì nira jù.

Ìgbésẹ̀ keje: Láti lẹ́tà dé ọwọ́ ọmọ

Pẹ̀lú lẹ́tà àdìmínísítréṣọ̀n, ẹ padà sí ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹ kún fọ́ọ̀mù owó olóògbé, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú, lẹ́tà agbanisíṣẹ́ àti káàdì ìdánimọ̀ gbogbo olùṣàkóso. Òfin 2014 béèrè àṣẹ Pẹ́ńkọ́ọ̀mù kí wọ́n tó sanwó. Tí lẹ́tà orúkọ kan bá yàtọ̀, tó jẹ́ pé ọ̀kan kọ "Oluwaseun" tí èkejì kọ "Seun", wọ́n á dá yín dúró. Áfídéfíìtì ni ẹ máa fi tún un ṣe, torí náà ẹ ti wo ìyẹn kí ẹ tó kúrò ní Próbéètì. Ilé iṣẹ́ náà kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láti fi owó yín sílẹ̀, ẹni tó bá ní òun á "sún fáìlì síwájú" ń jà yín lólè ni.

Ẹ ṣí àkáǹtì báǹkì kan ní orúkọ ogún olóògbé, tí ó kéré tán olùṣàkóso méjì láti ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Kí owó péńṣàn wọ ibẹ̀, kó má wọ àkáǹtì dáwódù, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti san ìpín kọ̀ọ̀kan sí àkáǹtì ẹni tó ni ín, kí olúkúlùkù sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà.

Ìpín ọmọ ọdún mọ́kànlá kò tíì lè jáde tán. Wọ́n fi ₦1,800,000 rẹ̀ sí ibi tó ń jèrè, àwọn olùṣàkóso ń yọ owó ilé ìwé lára rẹ̀ ní táàmù-táàmù, wọ́n sì ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n yọ sínú ìwé kan. Ìwé náà wà lọ́wọ́ àbúrò láti ìdí ìyàwó. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá pé méjìdínlógún, á ní ẹ̀tọ́ láti ṣí i, kó sì kà á láti ojú ìwé kìn-ín-ní.